Sìgá Kúrò, Ara Wá Tóbi: Ẹ̀kọ́ fún Ilé Ẹni Tó Ti Jáwọ́ Nínú Sìgá

Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wa ni ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí ti wá. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kkí, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Kíní ọdún 2023. Lẹ́yìn ìpàdé wa lọ́jọ́ kan ló fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bàbá àwọn ọmọ mi ti pa sìgá tì láti oṣù mẹ́rin, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò kankan kò wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá Oníkùn. Ó ti ń sọ pé bó bá jẹ́ pé sìgá ni kò jẹ́ kí òun sanra, òun máa padà sí i ni."

A ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín, nítorí a mọ̀ pé ikùn ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sídìí sìgá. A lọ bá ọ̀kan nínú wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a sì ka ohun tí a lè rí kà. Ohun tí a rí nìyí.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2012 fi hàn pé nínú ọkùnrin àgbà 100, nǹkan bíi 10 ló ń lo tábà lọ́nà kan tàbí òmíràn. Nínú obìnrin 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé gẹ́gẹ́ bí aya, ìyá tàbí àbúrò ni ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń kan púpọ̀ nínú wa: àwa là ń se oúnjẹ tí ẹni náà ń jẹ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé obìnrin tó ń mu sìgá níkọ̀kọ̀ náà wà, tí ẹ̀rù pé òun yóò sanra kò jẹ́ kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ tirẹ̀ náà, a kò sì bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí sísanra náà ṣe máa ń pọ̀ tó. Ní ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan kó ìwádìí 62 jọ lórí àwọn tó jáwọ́ nínú sìgá. Wọ́n rí i pé àwọn tí kò lo oògùn kankan fi nǹkan bíi kílò 1 wúwo sí i lóṣù kìn-ín-ní, ó tó kílò 3 nígbà tó fi pé oṣù mẹ́ta, ó sì wà láàárín kílò 4 sí 5 nígbà tí ọdún kan pé. Ẹ rí i pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló yára jù. Lẹ́yìn rẹ̀, eré náà a dẹwọ́. Gbogbo ènìyàn kọ́ ló sì rí bákan náà. Nínú 100, bíi 16 ló tilẹ̀ fọn sí i, bíi 13 sì sanra ju kílò 10 lọ. Ọkọ arábìnrin wa wọn kílò 70 nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi sìgá sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ó wọn 75. Ó ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun àràmàǹdà, kì í sì í ṣe àìsàn.

Kí ló wá fà á? Nikotíìnì ni. Òun ni ohun inú tábà tó ń di ènìyàn mú, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe lára tó kan ọ̀rọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni pé ó ń koná mọ́ ara. Ó ń mú kí ọkàn sáré, kí ara sì máa jó oúnjẹ ju bó ti yẹ lọ, àní bí ènìyàn jókòó lásán. Ní ọdún 1986, ní orílẹ̀-èdè Súwísálándì, wọ́n fi àwọn amusìgá 8 sínú yàrá kan tí wọ́n fi ń wọn agbára tí ara ń lò. Ní ọjọ́ tí wọ́n mu sìgá 24, agbára tí ara wọn lò fi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ju ti ọjọ́ tí wọn kò mu ún lọ. Ìyẹn tó bíi kálórì 200. Kálórì ni ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára tó wà nínú oúnjẹ, bí a ti ń fi kóńgò wọn gàrí.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀, iṣẹ́ tísà kò tíì kúrò lára wa. Kí ènìyàn tó lè fi kílò kan ọ̀rá kún ara rẹ̀, yóò jẹ nǹkan bíi kálórì 7,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju èyí tí ara rẹ̀ ń lò. Bí ẹni tó ń mu páálí sìgá kan lójúmọ́ bá fi í sílẹ̀, tí kò fi òkèlè kan kún oúnjẹ rẹ̀, tí kò sì yọ ọ̀kan kúrò, kálórì bíi 200 ni yóò máa ṣẹ́kù lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó ti di 7,000, ó ti tó kílò kan. Kò ní máa lọ bẹ́ẹ̀ títí láé, nítorí ara tó wúwo sí i náà ń gba agbára sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀jẹun ni gbogbo ẹni tó sanra lẹ́yìn sìgá. A fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "ó ti ń jẹun jù" rántí ìṣirò yìí.

Iṣẹ́ kejì tí nikotíìnì ń ṣe ni pé ó ń pa ebi. Ó ń kan ibi kan nínú ọpọlọ tó máa ń sọ fún wa pé a ti yó. Nígbà tó bá kúrò, ebi tó ti ń tì sẹ́yìn láti ọdún pípẹ́ a padà wá. Ahọ́n àti imú náà a jí, ẹni tí kò mọ adùn ọbẹ̀ tẹ́lẹ̀ a wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu kún un. Ọwọ́ àti ẹnu sì ti mọ́ kí wọ́n máa pàdé lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Bí sìgá kò bá sí níbẹ̀, súìtì, bisikíìtì tàbí púfú-pọ́fù ni yóò gba ipò rẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ arábìnrin wa. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, nítorí láàárín tiwa, ẹni tó bá sanra ni à ń sọ pé ara rẹ̀ dá. Nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn ló bá ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wa yóò ṣe: ó dín oúnjẹ rẹ̀ kù sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀bà di ìdajì, ẹran di ẹyọ kan, kò sì sí oúnjẹ alẹ́ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bàbá ti ń kanra mọ́ gbogbo ilé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ra ẹyọ sìgá méjì lọ́wọ́ ọlọ́jà kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì mu méjèèjì. (Láti ọdún 2015 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ka títa sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ léèwọ̀, páálí 20 ló yẹ kí wọ́n máa tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń rí ní ojú pópó.) Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ebi àti òùngbẹ sìgá jọ ara wọn púpọ̀ lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́. Ẹni tí ebi ń pa máa ń rò pé sìgá ló ń wu òun, nígbà míràn ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ènìyàn kò lè máa bá ọ̀tá méjì jà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Nítorí náà, sìgá ni kí a kọ́kọ́ dojú kọ. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí a ń wá ni pé kí sísanra náà má pọ̀ jù, a kò tíì ń wá bí yóò ṣe fọn.

Nọ́ọ̀sì wa kò sọ fún un pé kó tún dín oúnjẹ kù. Ìwé kékeré kan ló ní kí wọ́n mú, kí bàbá máa kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀ sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, àti aago tó jẹ ẹ́. A rí ìwé náà. Oúnjẹ ilé kò burú. Òru ni nǹkan wà. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìgò mínírà kan. Ní aago méjìlá òru, púfú-pọ́fù márùn-ún. Ní aago mẹ́ta òru, ìgò mọ́ọ́tì kan tàbí mínírà mìíràn. Láàárín wọn, súìtì àti obì, odidi obì méjì láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó máa ń ṣe ní àwọn aago wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Sìgá ló máa ń mu ní gbogbo wọn.

Ìgò mínírà onílítà ààbọ̀ kan máa ń ní kálórì tó bíi 200, ṣúgà ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í yó ènìyàn. Ẹ fi wé kálórì 200 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fi omi rọ́pò ìgò kan lójúmọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ihò tí sìgá fi sílẹ̀, láìfi ebi pa ara rẹ̀. Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ obì ló yà wá lẹ́nu jù. Gbogbo wa mọ̀ pé obì kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Kaféìnì inú rẹ̀ ló ń ṣe é, òun náà ló wà nínú kọfí, nínú tíì àti nínú àwọn ohun mímu tí àwọn awakọ̀ fi ń lé oorun. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára pa kaféìnì rẹ́. Nígbà tí èéfín bá kúrò, ẹ̀dọ̀ a rọra ṣe é, kaféìnì a sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n tí ènìyàn ń jẹ tẹ́lẹ̀ lè wá dà bí ìlọ́po méjì. Bàbá yìí kò fi obì kankan kún èyí tó ń jẹ láti ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti fi sìgá sílẹ̀, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, wákàtí mẹ́ta péré ló ń sùn. Yóò dìde ní aago mẹ́wàá, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, yóò sì ní kí wọ́n ro ẹ̀bà fún òun. Ẹni tí kò sùn dáadáa máa ń jẹun ju ẹni tó sùn lọ, ó sì máa ń kanra. Wọ́n ti rò pé sìgá tó fi sílẹ̀ ló ń gbọ̀n lára rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dín obì kù sí ìdajì, tí kò sì jẹ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn aago méjìlá òru, ó sùn wákàtí mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Fún aago mẹ́sàn-án, aago méjìlá àti aago mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ ń dì í ní ẹrù. Omi tútù nínú fúláàsì, mọ́ínmọ́ín kan tàbí ẹyin sísè, ìbẹ́pẹ tàbí kùkúńbà tí a gé, àti ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kúnwọ́ kan la wí. Ẹ̀pà dára, ó sì ń yó ènìyàn, ṣùgbọ́n òróró ló kún inú rẹ̀, ẹni tó bá ń tọ́ ọ láti inú ìgò títí ilẹ̀ fi mọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ púfú-pọ́fù. Fún ọwọ́ àti ẹnu tó ń wá iṣẹ́, orin ni wọ́n fi sí i, orin tí àwọn bàbá wa fi ń fọ eyín. Òùngbẹ sìgá kì í ju ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta sí márùn-ún lọ nígbà tó bá dìde, kó tó lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá rún orin dé ìdajì ti la ìyẹn kọjá.

Nínú ìkòkò náà, ó ṣe ohun kékeré kan. Ṣíbí ìjẹun epo kan ní kálórì bíi 120. Ó máa ń da epo sínú ọbẹ̀ láti inú ìgò, kò wọ̀n ọ́n rí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí wọn ọ́n, ó yọ ṣíbí mẹ́ta kúrò nínú ìkòkò ẹ̀fọ́ tí gbogbo ilé ń jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Ẹ̀bà bàbá dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ̀fọ́ sì pọ̀ sí i, kí àwo má baà dà bí àwo ẹni tí à ń fìyà jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn. Kò lọ sí ibi eré ìdárayá kankan, kò sí owó rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ibi tó yẹ kó sọ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dé ilé, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Fún ẹni tó wọn kílò 75, ìrìn bẹ́ẹ̀ lè jó kálórì bíi 130 sí 150. Ẹ máà retí pé ọ̀sẹ̀ kejì ni yóò hàn. Àwọn onímọ̀ tó tún kó ìwádìí jọ ní ọdún 2021 rí i pé nígbà tí ètò ìdárayá náà ń parí lọ, ìyàtọ̀ kékeré ló wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan pé, àwọn tó ń ṣe é fi nǹkan bíi kílò 2 fúyẹ́ ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Ìwádìí kan náà rí i pé ìmọ̀ràn nìkan, kí a kàn sọ fún ènìyàn pé kó má sanra, kò ṣe àǹfààní, ó sì ṣeé ṣe kó mú kí iye àwọn tó lè fi sìgá sílẹ̀ dín kù. Ó yẹ kí èyí bá àwa tí ẹnu wa pọ̀ nílé wí.

Àwọn kan yóò béèrè oògùn. Ṣingọ́ọ̀mù àti pílásítà tó ní nikotíìnì wà ní àwọn ilé oògùn kan, owó wọn kò kéré, wọ́n sì ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́. Ní ti sísanra, wọ́n ń dá a dúró nígbà tí a bá ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń padà wá nígbà tí a bá dáwọ́ wọn dúró. Àǹfààní wọn ni pé wọ́n ń ra àkókò fún ènìyàn láti borí sìgá ná. Ṣùgbọ́n àgbo àti tíì tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ pé ó ń fa ikùn wọlé, a kò gbà á níyànjú. Púpọ̀ nínú wọn kàn ń mú ènìyàn yàgbẹ́ ni. Omi ló ń jáde, ọ̀rá wà níbẹ̀.

Ṣé ikùn yìí kò wá burú ju sìgá lọ? A béèrè ìbéèrè yìí gan-an, nítorí òun ni bàbá ń béèrè. Ní ọdún 2018, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lórí àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó sanra lẹ́yìn sìgá ní ewu àtọ̀gbẹ tó ga díẹ̀ fún ìgbà kan, ó ga jù láàárín ọdún 5 sí 7, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ikú, pàápàá ikú àrùn ọkàn, àwọn tó fi sìgá sílẹ̀ sàn ju àwọn tó ń mu ún lọ, ì báà jẹ́ pé wọ́n sanra tàbí wọn kò sanra. Nítorí náà, kí ẹni tó sanra lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kó má sì padà sídìí sìgá. Bí òùngbẹ omi bá ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó sì ń tọ̀ léraléra lóru, kó má dúró de ọdún tí ń bọ̀ kó tó lọ. Ẹni tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ti fi sìgá sílẹ̀.

Ohun kan tún wà láti kíyè sí. Sísanra sìgá máa ń rọra wá ni, ó ń hàn ní ikùn àti ní ìgbànú. Bí ènìyàn bá fi kílò méjì tàbí mẹ́ta wúwo láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ìka bá sì ń ṣe ihò sí i nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí kò lè mí dáadáa bó bá dùbúlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rá. Ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́jọ́ náà. Kí a tó lè mọ ìyàtọ̀, ìwọ̀n kan náà ni kí a máa gùn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí a tó jẹun. Ẹni tó ń gùn ún lójoojúmọ́ yóò kàn máa da ara rẹ̀ láàmú, nítorí omi nìkan lè mú kí kílò kan lọ kó sì bọ̀.

Arábìnrin wa gbé ìwé náà wá fún wa nígbà tí ọdún kan pé tí bàbá ti kọ́kọ́ jáwọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ti dé 76 ní oṣù kẹfà, ó dúró síbẹ̀ títí di oṣù kẹjọ, ó sì wà ní 74 báyìí. Kò padà sí 70. A sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó má padà síbẹ̀ mọ́, ó ní kò burú, wọ́n ti ra ṣòkòtò tuntun méjì. Yàtọ̀ sí ẹyọ méjì tó mu ní ọjọ́ kẹsàn-án yẹn, kò tíì fi sìgá kan ẹnu.